Kí Ló Ń Mú Mílíìkì Dì? Àgbéyẹ̀wò láti Ìsọ̀ Onítíì ní Kétu dé Ìkòkò Ata ní Máìlì 12

Bí mílíìkì bá dì nínú tíì, iná ni gbogbo wa máa ń dá lẹ́bi. A ó ní omi náà hó jù, pé ó yẹ kí a jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí agolo mílíìkì tuntun kan, ẹ da ìdajì rẹ̀ sínú ìkòkò kékeré, kí ẹ gbé e ka gáàsì títí yóò fi hó. Yóò ru sókè, yóò fẹ́ dà nù, ṣùgbọ́n kò ní dì. Ẹ wá fún ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí iná yẹn náà. Kí ẹ tó na ọwọ́ mú síbí, funfun rẹ̀ ti ṣù jọ, omi rẹ̀ ti yà sọ́tọ̀. Ibi tí èmi ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: iná kì í sábà dá mú mílíìkì dì. Nǹkan mìíràn ló máa ń kọ́kọ́ ṣe é, iná á wá parí iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ nǹkan mìíràn yẹn ló lè dènà rẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ l'Ékòó ni mo ti ń kọ èyí, ó sì ṣòro kí a rí ibi tó dára jù ú lọ fún irú àgbéyẹ̀wò yìí. Ọjà Máìlì 12 ni tòmátò, tàtàṣé àti ata rodo tó ń bọ̀ láti òkè Ọya ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Ní Ìkòsí, lẹ́bàá Kétu, ọjà èso ló wà níbẹ̀: ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìbẹ́pẹ, ọsàn wẹ́wẹ́. Ní etí títì láàárín méjèèjì, àwọn onítíì tó jẹ́ ọmọ Hausa, tí à ń pè ní mai-ṣáì, ti gbé kẹ́tù kaná láti ìdájí, wọ́n ti to agolo mílíìkì sórí tábìlì. Ohun tó ń kan àti ohun tí kíkan ń bà jẹ́ kò ju owó ọkọ̀ kan lọ síra wọn.

Kí a kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú mílíìkì. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣúgà rẹ̀ ti yọ́ sínú omi náà, ọ̀rá rẹ̀ sì ń léfòó káàkiri ní kíkán wínníwínní tí ojú kò lè rí. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni purotéènì, òun gan-an ló sì ń dì. Bí a bá pín purotéènì mílíìkì sọ́nà márùn-ún, nǹkan bí mẹ́rin nínú rẹ̀ ló jẹ́ kasíìnì. Kasíìnì wà nínú omi bí kóró tíntìntín tí irun wà lára rẹ̀ káàkiri, agbára mànàmáná tó wà lára irun wọ̀nyí sì jẹ́ irú kan náà lára gbogbo wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ti ara wọn sẹ́yìn, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ fi ojú kan náà mágínẹ́ẹ̀tì méjì kanra. Títì tí wọ́n ń ti ara wọn yìí ló jẹ́ kí mílíìkì máa ṣàn. Ọjọ́ tó bá dáwọ́ dúró, wọ́n á so mọ́ra, wọ́n á gbé ọ̀rá mọ́ra, ohun tí a ń rí nínú ife náà nìyẹn.

Kíkan ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún agbára yẹn. Àwọn onímọ̀ ń fi òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní pH wọn kíkan: omi lásán wà ní 7, bí nǹkan bá sì ṣe ń kan sí i ni nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Mílíìkì màlúù tuntun wà láàárín 6.6 sí 6.7. Bí a bá mú un kan títí ó fi dé 4.6, agbára ara kasíìnì ti tán, yóò dì bó tilẹ̀ jẹ́ pé tútù ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná, kò ní dúró dé ibẹ̀. Nínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ó lè dì nígbà tí nọ́ńbà náà ṣì lé ní 5. Ipa tí iná ń kó gan-an nìyí: ó ń mú kí kíkan tí kì bá tó o ṣe nǹkan kan di èyí tó tó. Oríṣi purotéènì kejì tó wà nínú mílíìkì tútù sì tún wà, èyí tó máa ń bá omi wàrà lọ. Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ìdì tó fi ara rẹ̀ dì á tú, á sì lẹ̀ mọ́ kasíìnì. Ìyẹn nìkan kò tó láti ba tíì jẹ́, ṣùgbọ́n bí kíkan bá ti wà níbẹ̀, ó ń bá a gbé ẹrù.

Tíì dúdú lásán, èyí tí a ń fi àpò inú páálí ṣe, ń kan díẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ wà ní nǹkan bí 5. Ẹni tó bá gbọ́ 5 yóò bẹ̀rù, nítorí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé mílíìkì lè dì níbẹ̀ bó bá gbóná. Àmọ́ ohun méjì ló wà nínú ọ̀ràn kíkan: bó ṣe mú tó, àti bó ṣe pọ̀ tó. Kíkan inú tíì kéré púpọ̀, síbí mílíìkì méjì ti borí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi ń mu tíì oní-mílíìkì lárọ̀ ọjọ́ gbogbo tí kò sì dì. Ohun tó lè mú un burú ni kí a jẹ́ kí àpò tíì wà nínú omi títí tó fi korò. Èròjà inú tíì tó ń fa ahọ́n ṣinṣin, tí wọ́n ń pè ní táníìnì, máa ń di purotéènì mú, ó sì ń ran kíkan lọ́wọ́. Ẹ yọ àpò náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ tíì wá yàtọ̀ ní ìsọ̀ mai-ṣáì. Tíì ibẹ̀ kì í ṣe ti àpò lásán mọ́. Wọ́n ń se é pọ̀ mọ́ atalẹ̀, kànáfùrù àti ewé tíì, wọ́n á sì máa já a láti inú ife kan sínú èkejì títí yóò fi yọ ìfóòfó. Ọ̀pọ̀ oníbàárà tún ti wá fẹ́ràn kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, pàápàá àwọn tí òtútù bá mú. Mo gbọ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe ń bẹ onítíì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: "Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mílíìkì sí i dáadáa, kí ẹ sì fún ọsàn sí i fún mi." Onítíì náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọ̀kan ni, àbúrò. Méjèèjì kì í gbé inú ife kan."

Ó tọ̀nà, ẹ sì jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ife tíì kan gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin lítà, tí síbí ìjẹun méjì mílíìkì agolo sì wà nínú rẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà láàárín 2 sí 2.5 lórí òṣùwọ̀n wa, kíkan inú rẹ̀ sì pọ̀, kò dà bíi ti tíì. Síbí tíì kan péré ti gbé ife yẹn dé etí ibi tí mílíìkì ti ń dì. Ó lè dì, ó lè má dì, ó kù sí bó ṣe gbóná tó. Ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ kan, tí omi rẹ̀ tó síbí tíì méjì sí mẹ́ta, kọjá àfarada rẹ̀ pátápátá. Kò sí bí a ṣe lè rò ó tí kò fi ní dì. Ṣóbò gbígbóná rí bẹ́ẹ̀ náà, nítorí nǹkan bí 2.5 ni òun náà wà, ó sì ní ohun tó ń fa ahọ́n nínú.

Ẹni tó fẹ́ òórùn ọsàn nínú tíì oní-mílíìkì kò ní láti pàdánù rẹ̀ ṣá. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú epo tó wà lára èèpo rẹ̀ aláwọ̀ ewé, kíkan rẹ̀ sì wà nínú omi inú rẹ̀. Ẹ fọ ọsàn náà dáadáa, ẹ fi ọ̀bẹ bẹ́ èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ má bẹ́ funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn nítorí ó korò. Ẹ jù ú sínú kẹ́tù, kí ó hó pọ̀ mọ́ tíì fún ìṣẹ́jú méjì. Òórùn á jáde, mílíìkì kò ní dì. Ewé tíì tí àwọn mai-ṣáì ń lò ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an: ó ń rùn bí ọsàn, kò sì mú kíkan tó tó nǹkan wá. Lójú tèmi, kò sí ohun tó dára jù ú lọ fún ẹni tí kò lè yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Atalẹ̀ ló máa ń ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí kò kan, síbẹ̀ ó ń mú mílíìkì dì. Inú atalẹ̀ tútù ni ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń gé purotéènì. Ó máa ń gé irun ara kóró kasíìnì kúrò, bí irun bá sì ti lọ, kò sí ohun tó ń ti kóró méjì sẹ́yìn kúrò lára ara wọn mọ́. Àwọn ará Guangdong ní ilẹ̀ Ṣáínà mọ èyí dáadáa, wọ́n sì fi ń ṣe oúnjẹ: wọ́n á gbé mílíìkì tó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 70, wọ́n á dà á lé omi atalẹ̀ tútù lórí nínú àwo, wọ́n á fi sílẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò dì bí ẹ̀kọ mímu tó ti tutù. Bí omi bá hó pẹ̀lú atalẹ̀, ẹ́ńsáìmù náà kú, kò lè ṣe nǹkan mọ́. Nítorí náà ni atalẹ̀ inú kẹ́tù mai-ṣáì, tó ti ń hó láti àárọ̀, kì í fi í fa wàhálà. Èyí tó ń fà á ni omi atalẹ̀ tútù tí a lọ̀ nínú bùlẹ́ńdà, tí a rọ sínú ìgò, tí a wá ń kán sínú tíì tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú mílíìkì. Ẹ jẹ́ kí atalẹ̀ yín hó nínú omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí mílíìkì tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ tí a ń rà ní Ìkòsí ní irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ nínú. Ìdí nìyẹn tí ìbẹ́pẹ tí a lọ̀ mọ́ mílíìkì fi máa ń korò bí a bá gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Kí a mu ún lójú ẹsẹ̀ ni, tàbí kí a fi iná kan èso náà kí a tó lọ̀ ọ́.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣàì mọ ọ̀nà ẹ́ńsáìmù yìí, nítorí òun ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń ṣe wàrà. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù tútù ka iná pẹ̀lẹ́, wọ́n á gún ewé bọmubọmu, wọ́n á fi mílíìkì díẹ̀ fọ oje rẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ sínú ìkòkò nígbà tí mílíìkì bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ tó nǹkan bí ìwọ̀n 50. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kó iná sí i títí yóò fi hó, wàrà á ya kúrò lára omi, wọ́n á bù ú sínú agbọ̀n kékeré kí omi rẹ̀ ro. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń to iná: iná díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kí oje ewé lè ṣiṣẹ́, iná púpọ̀ ní ìparí kí wàrà lè le. Bí wọ́n bá da oje náà sínú mílíìkì tó ti ń hó, ooru á pa ẹ́ńsáìmù náà, wàrà kò ní jáde dáadáa. Ohun tí alásè tíì ń sá fún ni oníwàrà ń wá, ìlànà kan náà sì ni. Àwọn tó ń ṣe wàrà sóyà ń gba ọ̀nà kíkan ní tiwọn: omi ògì tó ti kan tàbí álọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ wọn ń dà sínú mílíìkì sóyà gbígbóná. Èyí yẹ kó kọ́ ẹni tí kì í mu mílíìkì màlúù pé sóyà kò ní gbà á lọ́wọ́ kíkan.

Títí di ìsinsìnyí, ohun tí a fi sínú ife ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa l'Ékòó, mílíìkì fúnra rẹ̀ ló máa ń jẹ̀bi jù. Ẹ mọ bó ṣe ń lọ: a lu ihò méjì sí orí agolo, a lo díẹ̀, a fi ọ̀rá bò ó, a gbé e sínú fíríìjì. Wọ́n mú iná lọ ní alẹ́, kò sì dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Kòkòrò àìfojúrí tó ti inú afẹ́fẹ́ tàbí ara ọ̀bẹ wọlé ń jẹ ṣúgà mílíìkì, ó sì ń yí i padà sí kíkan. Bí ọjọ́ kejì bá fi máa mọ́, mílíìkì náà lè má tíì rùn, ó lè má tíì kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti rìn dé ìdajì ọ̀nà. Tíì gbígbóná ni yóò wá sin ín dé ilé. Ẹni tó mu tíì láàná láti inú agolo kan náà tí kò sì dì, yóò búra pé omi òní ló gbóná jù.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn tó ń gba mílíìkì lọ́wọ́ darandaran fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rọrùn nílé. Ẹ bu síbí mílíìkì kan tàbí méjì sínú ìkòkò kékeré tàbí síbí ọbẹ̀ irin, ẹ gbé e sórí iná títí yóò fi hó. Bí ó bá hó tó sì dán mọ́rán-mọ́rán, ẹ máa lò ó. Bí hóró funfun bá yọ lára síbí, tí omi aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sì yà sí ẹ̀gbẹ́, ó ti kan, ẹ dà á nù. Ó sàn kí síbí méjì ṣòfò ju kí odindi kẹ́tù ṣòfò lọ. Lẹ́yìn tí a bá ṣí agolo, kí a yí mílíìkì náà sínú ìgò tó mọ́ tó ní ìdérí, kí a gbé e síbi tó tutù jù nínú fíríìjì, kí a sì lò ó tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ilé tí iná kò bá dúró sí, agolo kékeré tàbí èyí tó wà nínú ọ̀rá tí a ń lò tán lẹ́ẹ̀kan náà ló bá a mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́n ju ńlá lọ.

Kí a má ṣi ohun kan mú fún òmíràn. Mílíìkì oníyẹ̀fun tí a dà sínú omi gbígbóná máa ń ṣù, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì dì. Ẹ mú ìṣù náà láàárín ìka méjì, kí ẹ fọ́ ọ: bí ìyẹ̀fun gbígbẹ bá wà nínú rẹ̀, kò rí omi wọlé ni, ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù díẹ̀ pò ó nígbà mìíràn. Èyí tó dì lóòótọ́ máa ń rọ̀, kò ní ìyẹ̀fun nínú, tíì tó yí i ká á sì ti mọ́lẹ̀ bí ẹni pé a kò fi mílíìkì sí i rí.

Irú mílíìkì tí a ń lò náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti 1954 ni mílíìkì agolo Peak ti wà ní Nàìjíríà, àwa tí a dàgbà sídìí irú agolo bẹ́ẹ̀ sì gbà pé gbogbo mílíìkì ló le bẹ́ẹ̀. Ó le nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sí i. Kí wọ́n tó fa omi inú rẹ̀ dínkù, wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e gbóná kí purotéènì tí ooru lè tú ti tú tán, kí ó sì ti fara mọ́ kasíìnì ní ìrọ̀rùn. Wọ́n sì fi iyọ̀ fọ́sífétì díẹ̀ sí i tó ń mú kóró kasíìnì dúró déédéé. Ẹ ó rí i lára agolo bí E339, ẹ sì lè rí E407 tó jẹ́ ohun kíki tí wọ́n ń yọ lára ewé inú òkun. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún fi ooru tó ju ti omi híhó lọ pa kòkòrò inú agolo. Mílíìkì tó ti la gbogbo èyí já kò ní bẹ̀rù kẹ́tù. Mílíìkì tútù tí wọ́n ń tà nínú ìgò ní sùpámákẹ́ẹ̀tì kò rí irú ìtọ́jú yìí, ó sì yára láti dì. Nónò tí obìnrin Fúlàní ń gbé kiri sì ti kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ti fúrá ni, kì í ṣe ti tíì rárá.

Èyí ló mú mi dé orí àríyànjiyàn àwọn ará Bìrìtìkó, bóyá mílíìkì ni yóò kọ́kọ́ wọ ife tàbí tíì. Ní 1946, òǹkọ̀wé George Orwell ní kí tíì ṣáájú. Ní 2003, Andrew Stapley ti Yunifásítì Loughborough dáhùn lórúkọ ẹgbẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà wọn pé mílíìkì ni kó ṣáájú, nítorí bí a bá ń kán mílíìkì sínú tíì gbígbóná, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á kojú ooru tó ju ìwọ̀n 75 lọ fúnra rẹ̀, purotéènì rẹ̀ á sì tú. Fún mílíìkì tútù, mo fara mọ́ Stapley. Fún mílíìkì agolo, kò sí ìyàtọ̀, nítorí ohun tó ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀ sí mílíìkì yẹn tẹ́lẹ̀ nílé iṣẹ́.

Ó ku ìkòkò ata. Ọ̀pọ̀ alásè l'Ékòó ti ń da mílíìkì tàbí kírímù sínú ata díndín báyìí, láti fi jẹ mákàróónì tàbí láti fi se adìyẹ oníkọ́rì. Tòmátò wà ní nǹkan bí 4.2 sí 4.5, tí a bá sì lọ tòmátò, tàtàṣé àti àlùbọ́sà pọ̀, kíkan tòmátò ni yóò ṣáájú. Àwọn ìyá wa ní kí a din ata títí kíkan yóò fi lọ. Dídín náà dára, ó ń lé omi lọ, ó sì ń jẹ́ kí adùn tòmátò jáde kí ahọ́n má gbọ́ kíkan mọ́. Ṣùgbọ́n omi ló ń bá ooru lọ. Ásíìdì tòmátò kì í bá a lọ, inú ìkòkò ló ṣì wà, ó tilẹ̀ ki sí i. Ahọ́n lè gbàgbé rẹ̀, mílíìkì kò ní gbàgbé. Ẹ̀ṣà tòmátò tó ti ń rà tó sì ti ń yọ ìfóòfó nínú apẹ̀rẹ̀ kò ṣe é fọkàn tán rárá fún irú ọbẹ̀ yìí, nítorí kò sí ẹni tó mọ bó ṣe kan tó.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, fún ata tó tó kọ́ọ̀bù mẹ́ta lẹ́yìn tó ti dín tán. Mo máa ń yọ ìkòkò kúrò lórí iná kí híhó rẹ̀ rọlẹ̀. Nínú àwo mìíràn, mo á po síbí tíì méjì kọ́ọ̀nfúláwà mọ́ agolo mílíìkì kékeré kan ní tútù, títí kò fi ní sí ìṣù níbẹ̀. Mo á bu ata gbígbóná, síbí kan tẹ̀lé òmíràn, sínú mílíìkì yẹn, mo á sì máa rò ó, títí àwo náà á fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìgbà náà ni mo tó da gbogbo rẹ̀ padà sínú ìkòkò. Mo á gbé e sórí iná kékeré, kó máa gbọ̀n lórí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin kí kọ́ọ̀nfúláwà lè jinná, n kò sì ní jẹ́ kó hó kùtùkùtù. Iyọ̀ kẹ́yìn, nítorí iyọ̀ púpọ̀ náà ń dín bí kasíìnì ṣe ń ti ara wọn kù.

Kọ́ọ̀nfúláwà ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ó bá ti wú nínú ooru, ó ń ki sáàárín àwọn kóró kasíìnì, kò jẹ́ kí wọ́n tètè pàdé. Fúláwà lásán ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Bíbu ata sínú mílíìkì díẹ̀díẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ láti má bá kíkan àti ooru pàdé lójijì, ṣùgbọ́n kò yọ kíkan náà kúrò, nítorí náà ẹni tó bá ṣe èyí láìsí kọ́ọ̀nfúláwà lè ṣì rí i kó dì nígbà tó bá padà hó. Kírímù tó lọ́ràá dáadáa kì í ní wàhálà yìí, torí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, purotéènì tó lè dì nínú rẹ̀ sì kéré. Owó rẹ̀ nìkan ni wàhálà. Mílíìkì àgbọn náà lè ya ní tirẹ̀, epo á léfòó, ṣùgbọ́n kì í ṣe hóró bíi ti màlúù, rírò á sì tún un pọ̀.

Bí tòmátò bá kan gan-an, a lè dín kíkan rẹ̀ kù kí mílíìkì tó dé. Ìdá mẹ́rin síbí tíì kan béékìǹ sódà tó fún kọ́ọ̀bù mẹ́ta yẹn. Ẹ wọ́n ọn sórí ata, yóò hó yeruyeru, èyí ni kíkan àti sódà tó ń jà. Ẹ jẹ́ kí ìfóòfó náà rọlẹ̀ tán kí ẹ tó da mílíìkì sí i. Kánún ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n agbára òkúta kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, ẹ fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ díẹ̀ ṣe, kí ẹ tọ́ ọ wò. Bí ó bá pọ̀ jù, ọbẹ̀ á máa rùn bí ọṣẹ, pupa rẹ̀ á sì ṣú.

Tó bá wá ti dì nínú ìkòkò ńkọ́? Bí mílíìkì náà bá jẹ́ tuntun tó jẹ́ pé kíkan tòmátò ló dì í, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, wàrà lásán ló di. Kò ní padà sí mílíìkì mọ́, àmọ́ ẹ lè jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí ẹ lọ̀ ọ́ nínú bùlẹ́ńdà pẹ̀lú síbí tíì kan kọ́ọ̀nfúláwà tí ẹ ti fi omi tútù pò, kí ẹ sì tún un gbóná lórí iná kékeré. Hóró á fọ́ wẹ́wẹ́, ọbẹ̀ á ki, oúnjẹ á ṣe é gbé síwájú àlejò. Bí ó bá jẹ́ pé mílíìkì náà ló ti kan nínú fíríìjì tí kò níná, bùlẹ́ńdà kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́, kí a da ìkòkò náà nù.